TRV 2.8: Ohun Tí Ìwé Ẹ́kò Lè Sọ Nípa Ọkàn Ẹni Tó Jẹ́ SS, àti Ohun Tí Kò Lè Sọ

*Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Ọmọ mi obìnrin jẹ́ SS, ẹni ọdún 28 ni. Láti ọdún tó kọjá, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa tán kó má dúró mí hẹlẹhẹlẹ lágbedeméjì. Wọ́n ní ká lọ ṣe ẹ́kò, ìyẹn àwòrán ọkàn. Ìwé tí wọ́n fún wa ní ọkàn rẹ̀ fẹ̀, TRV rẹ̀ jẹ́ 2.8 m/s, ìfúnpá inú òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì ga díẹ̀. PCV rẹ̀ jẹ́ 20, ìfúnpá apá rẹ̀ 126/78, ó wọn kílò 50. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní kó bẹ̀rẹ̀ sildẹnafíìlì kíá. Ṣé ọkàn ọmọ mi ti bàjẹ́ ni? Kí ni ká ṣe?" — Ìyá kan, Ìbàdàn*

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe lónìí kí ẹ tó ka ìyókù: kó má ṣe lo sildẹnafíìlì yẹn. Ẹni tó dárúkọ rẹ̀ kò purọ́. Oògùn náà ń ṣe àwọn tí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró wọn há láǹfààní, bí wọn kì í bá ṣe SS. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dán an wò lára àwọn SS pẹ̀lú. Àwọn tí wọ́n gbà sínú iṣẹ́ náà jọ ọmọ yín gan-an: TRV wọn, iye kan tí màá ṣàlàyé nísàlẹ̀, jẹ́ 2.7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kò sì lè rìn jìnnà bó ṣe yẹ. Wọn kò tíì gbà ju ènìyàn 74 lọ tí wọ́n fi dá a dúró láìtọ́jọ́. Nínú àwọn tó ń lo sildẹnafíìlì, 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni kíráísìsì gbé wọ ilé ìwòsàn. Nínú àwọn tó ń lo oògùn tí kò ní nǹkan nínú, 14 nínú ọgọ́rùn-ún ni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó lò ó kò rìn jìnnà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èsì yẹn jáde ní 2011, ó sì ń dùn mí pé títí di òní, àwọn SS ṣì ń rà á lórí káńtà láìsí ẹni tó wo ohun tó ń mú wọn mí hẹlẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkàn tó fẹ̀ ńkọ́? Èyí kò yà mí lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó jẹ́ AA máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kó tó gbó. Ti SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí mùdùnmúdùn egungun ṣe ń pèsè tuntun ni ti tẹ́lẹ̀ ń fọ́, ohun tó mú PCV ọmọ yín, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀, dúró sí 20 nìyẹn, nígbà tí ti obìnrin mìíràn tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ 38. Ara rẹ̀ sì nílò ọ́síjìn bíi ti ẹlòmíràn. Ọ̀nà kan tí ọkàn ní láti fi dí àlàfo yẹn ni pé kó máa tú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ sí i jáde nígbàkígbà tó bá lù. Láti kékeré ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, tọ̀sán tòru, yàrá inú rẹ̀ sì fẹ̀ kó lè gba ẹ̀jẹ̀ náà. Bí dókítà bá gbé ẹ̀rọ sí àyà rẹ̀, tó gbọ́ ariwo bíi èémí tó ń fẹ́, ẹ̀jẹ̀ tó ń sáré ló sábà máa ń fa ìyẹn pẹ̀lú. Fífẹ̀ nìkan kì í ṣe bíbàjẹ́.

Ẹ tún ìwé náà mú, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ EF sí. Ohun tó ń sọ ni bí ọkàn ṣe ń fún ẹ̀jẹ̀ jáde tó. Lára ọ̀pọ̀ SS tí a ń rí, ó máa ń wà láàárín 55 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí wàhálà níbẹ̀. Ibi tí wàhálà máa ń fara pamọ́ sí ni ìsinmi ọkàn. Lẹ́yìn tí ọkàn bá ti fún ẹ̀jẹ̀ jáde, ó gbọ́dọ̀ dẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn lè wọlé. Ní ara SS, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín nínú ẹran ọkàn máa ń dí fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún là, wọ́n á tún dí, bẹ́ẹ̀ ni àpá kéékèèké ń ṣẹ́ jọ sínú ẹran náà lọ́dọọdún. Ẹran tó ní àpá kì í dẹ̀ dáadáa. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa dúró pẹ́ nínú yàrá òkè apá òsì, yàrá yẹn á wú, ìfúnpá á sì padà sẹ́yìn sínú ẹ̀dọ̀fóró. EF lè dára kí ọkàn má sì dẹ̀. Nítorí náà, tí ìwé yín kò bá sọ nǹkan kan nípa yàrá òkè apá òsì àti bí ọkàn ṣe ń dẹ̀ sí, ẹ bi ẹni tó ṣe ẹ́kò náà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí 2.8 fúnra rẹ̀. Láàárín yàrá méjèèjì apá ọ̀tún ọkàn, ilẹ̀kùn kan wà tó máa ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sá padà. Ẹ̀rọ ẹ́kò ń wọn bí ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣe ń yára tó, nínú mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ni TRV. Bí ìfúnpá inú òpó tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró bá ṣe ga tó ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe máa yára tó. Ìṣirò rẹ̀ ni 4 × v². Fún ọmọ yín, 4 × 2.8 × 2.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 31. Wọ́n á fi nǹkan bí 5 kún un fún ìfúnpá inú yàrá òkè apá ọ̀tún, ó wá di 36. Ibẹ̀ ni ẹni tó kọ ìwé náà ti rí "ga díẹ̀". Ẹ̀rọ náà kò wọ inú òpó ẹ̀jẹ̀. Ó fojú díwọ̀n láti ìta ni.

Iye yẹn sì lè ga nítorí ohun mẹ́ta tí ìtọ́jú wọn kò jọra. Ẹ ronú sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Ọkọ̀ lè pọ̀ ju ti ojoojúmọ́ lọ lójú ọ̀nà tó dára. Ọ̀nà lè ṣí sílẹ̀ kó jẹ́ pé iwájú, níbi tí wọ́n ń wọ ìlú, ni ọkọ̀ kò ti rìn. Ó sì lè jẹ́ ọ̀nà gan-an ló ti há nítorí pé wọ́n ti dí apá kan rẹ̀. Ẹni tó dúró sẹ́yìn kò lè mọ èyí tó jẹ́. Fún ọmọ yín, ti àkọ́kọ́ ni ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó sì ń sáré nítorí PCV 20. Ti ìkejì ni apá òsì ọkàn tí kò dẹ̀. Ti ìkẹta ni òpó ẹ̀jẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tó há fúnra rẹ̀, èyí tí a ń bẹ̀rù jù.

Bí òpó náà ṣe ń há ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí ìtọ́jú. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ pupa bá fọ́ nínú òpó, himoglobíìnì inú rẹ̀ á tú síta. Inú òpó ẹ̀jẹ̀ sì ní afẹ́fẹ́ kan tí ara ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní náítíríìkì ọ́ksáìdì, òun ló ń sọ fún òpó pé kó dẹ̀. Himoglobíìnì tó tú síta máa ń gbá a mú, á sì sọ ọ́ di aláìníṣẹ́. Òpó á sún kì. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ara òpó á nípọn, kò sì ní í lè ṣí mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń fọ́ jù ló sábà ń bá a pàdé: PCV wọn lọ sílẹ̀ gan-an, ojú wọn pọ́n bí ìyeyè, egbò sì máa ń yọ wọ́n lẹ́nu lọ́rùn ẹsẹ̀. Ẹ kò sọ bóyá ọmọ yín ti ní irú egbò bẹ́ẹ̀ rí. Tó bá ti ní, ẹ sọ fún dókítà rẹ̀, nítorí ó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ohun kan tí ọ̀pọ̀ òbí kì í retí ni pé kíráísìsì egungun lè má pọ̀ lára ẹni náà rárá. Wọ́n á ní "tirẹ̀ kò le", nígbà tí òpó ń há díẹ̀díẹ̀ láìdun ẹnikẹ́ni.

Báwo ni ti ìkẹta yìí ṣe wọ́pọ̀ tó? Ní 2004, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà ṣe ẹ́kò fún àgbàlagbà 195 tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. TRV 32 nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ikú sì pọ̀ láàárín wọn ju àwọn ìyókù lọ. Ẹ̀rù ba gbogbo wa nígbà yẹn. Ní 2011, àwọn ará Faransé gbé e síwájú sí i. Wọ́n yẹ àgbàlagbà 398 wò. Bíi ìdá kan nínú mẹ́rin ló ní TRV 2.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ti kátítà, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ inú ọkàn wọn láti fi wọn ìfúnpá náà fúnra rẹ̀, 24 péré ló ní àrùn náà lóòótọ́, ìyẹn ìfúnpá òpó ẹ̀dọ̀fóró tó ga. Nínú 24 yẹn, 11 ni òpó ẹ̀dọ̀fóró tirẹ̀ há. Àwọn 13 tó kù, apá òsì ọkàn ni wàhálà wọn ti wá. Nítorí náà, Mà, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín kò tíì dárúkọ àrùn. Ó ní kí a wádìí sí i. A kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ nù, torí TRV tó ga, kódà láìsí àrùn náà, ń fi hàn pé ara ń ṣiṣẹ́ kọjá agbára.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ mi ni pé ọjọ́ wo ni wọ́n ṣe ẹ́kò yẹn? Tó bá jẹ́ pé ìgbà tó wà ní wọ́ọ̀dù ni, tàbí kò tíì pé oṣù kan tó jáde lẹ́yìn kíráísìsì tàbí àìsàn àyà, ẹ tún un ṣe nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ìrora nìkan lè gbé TRV sókè, àìsàn àyà sì ń gbé e sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti rí èyí tó tó 3.2 ní wọ́ọ̀dù, tó padà sí 2.4 lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Tó bá jẹ́ ìgbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n ṣe é, ìlànà tí àwọn oníṣègùn ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ lé báyìí ni pé TRV tó bá ti tó 2.9 lè fi ẹni tó ń mí hẹlẹ ránṣẹ́ sí kátítà. Tó bá wà láàárín 2.5 sí 2.8, bíi ti ọmọ yín, ohun méjì ló máa pinnu: ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́fà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń jẹ́ NT-proBNP. Ìrìn náà kò gba owó. Wọ́n á wọn kọ́rídọ̀ tó tẹ́jú, mítà 30, ó máa rìn ún lọ, rìn ún bọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kékeré sí ìka rẹ̀ láti wo ọ́síjìn. Tí kò bá tó mítà 333, tàbí tí ọ́síjìn rẹ̀ já lulẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó yẹ ká fojú sí i. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: egungun itan máa ń kú lára àwọn SS, ẹni tí itan ń dùn kò lè rìn jìnnà bí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ dára. Kí ẹni tó ń ka mítà bi í léèrè ohun tó dá a dúró, ṣé èémí ni tàbí itan.

NT-proBNP ni ohun tí ẹran ọkàn ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí ó bá ń nà jù. Fún SS, 160 ni ààlà tí a ń wò. Òun náà ní ibi tó ti lè ṣi ni lọ́nà: kíndìnrín ló ń fọ̀ ọ́ dànù, nítorí náà tí kíndìnrín bá ń ṣàìsàn, á ga láìsí pé ọkàn ló ń da á láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ìtọ̀ rẹ̀ fún púrótéènì lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì wo kriatíníìnì.

Ká ní ó rìn ju mítà 450 lọ, NT-proBNP rẹ̀ jẹ́ 70, ọ́síjìn rẹ̀ kò já. Èmi kò ní í gbé e lọ fún kátítà. Màá gbà pé PCV 20 ló ń mú un mí hẹlẹ, màá tọ́jú ìyẹn, màá sì tún ẹ́kò ṣe tó bá yá. Ká ní mítà 310 ló rìn nítorí èémí, NT-proBNP rẹ̀ jẹ́ 240, kíndìnrín rẹ̀ sì dára: kátítà yẹ. Kí ó tó débẹ̀, màá kọ́kọ́ wá ẹ̀jẹ̀ tó dì tí ó lọ há sí òpó ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá tí wọ́n bá ti yọ ọlọ inú rẹ̀ rí. Síkáànù kan wà tó ń fi afẹ́fẹ́ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró wé ẹ̀jẹ̀ tó dé ibẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló bá rí, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì ni ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ títí ayé. A tún máa ń yẹ àrùn HIV àti àtọ̀sí ajá wò nílẹ̀ wa, nítorí àwọn náà lè mú òpó yìí há.

Kátítà náà, wọ́n á fún ọrùn tàbí itan ní oògùn tí kì í jẹ́ kó dùn ún, wọ́n á ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ wọ apá ọ̀tún ọkàn títí dé ẹ̀dọ̀fóró. Ìfúnpá àárín tó bá ju 20 lọ ni wọ́n ń pè ní àrùn nísinsìnyí. Tẹ́lẹ̀, 25 ni. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọn èyí tó ń tì wá láti apá òsì. Tí ìyẹn bá ju 15 lọ, apá òsì ọkàn ló ń da á láàmú, oògùn tí ń mú ni tọ̀ àti ìdarí ìfúnpá ni a ń wò. Tí kò bá ju 15 lọ, òpó ló há. Níbẹ̀ nìkan ni amòye lè bẹ̀rẹ̀ sí í ro irú oògùn tí ilé oògùn yín dárúkọ, yóò sì máa ṣọ́ ẹni náà pẹ́kípẹ́kí. Ilé ìwòsàn tó ń ṣe kátítà kò pọ̀ ní Nàìjíríà, owó rẹ̀ sì wúwo. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí ẹ ṣe ìrìn àti ẹ̀jẹ̀ yẹn dáadáa kí ẹ tó ná an.

Ohunkóhun tí ìwádìí bá sọ, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ ni orísun ọ̀rọ̀ náà, haidirọsiyúríà ni oògùn tó ń dín in kù. Ẹ kò sọ bóyá ó ń lò ó. Tí kò bá lò ó, màá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kan lóòjọ́. Kílò 50 ni ọmọ yín, ìyẹn jẹ́ 750. Ẹyọ kan nínú kápúsù tó wọ́pọ̀ jẹ́ 500, nítorí náà ẹyọ kan lónìí, ẹyọ méjì lọ́la, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa lọ. Ó lè dín sẹ́ẹ̀lì funfun kù, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ní oṣù méjì sí mẹ́ta. Kì í la òpó tó ti nípọn padà, nítorí náà ìgbà tí TRV ṣì wà ní 2.8 ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kí ẹ tó rí i pé PCV ń gòkè. Ẹ má jẹ́ kó jáwọ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin.

Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára kíá láti gbé PCV sí 35. Ẹ má ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ SS tó bá pọ̀ jù máa ń ki, a kì í fẹ́ kí ó kọjá 30, àti pé ọkàn tó ti kún tẹ́lẹ̀ lè rì tí àpò ẹ̀jẹ̀ méjì bá wọlé ní ọjọ́ kan. Tí gbígba ẹ̀jẹ̀ bá di dandan, kí ó máa wọlé díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ fún ọdún púpọ̀ máa ń kó irin jọ sínú ẹ̀dọ̀, lẹ́yìn náà sínú ọkàn. Fẹ́rítíìnì ni àyẹ̀wò rẹ̀.

Ìfúnpá 126/78 yẹn, ẹ lè rò pé ó dára. Fún ẹlòmíràn, ó dára. Àwọn SS kì í sábà ga tó bẹ́ẹ̀. Tí òkè bá wà láàárín 120 sí 139, tàbí ìsàlẹ̀ láàárín 70 sí 89, a ti rí i pé TRV tó ga àti àìsàn kíndìnrín máa ń wọ́pọ̀ lára wọn. Kò tíì tó oògùn, àfi tí púrótéènì bá wà nínú ìtọ̀. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, tó bá dé 130/80 lemọ́lemọ́, a máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ sì bi í bóyá ó máa ń hanrun púpọ̀ lóru tàbí jí pẹ̀lú ẹ̀fọ́rí, torí ọ́síjìn tó ń já lóru máa ń fún òpó ẹ̀dọ̀fóró pọ̀.

Bó bá ní ẹni tó fẹ́ fẹ́, ẹ jẹ́ kí ó wá bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oyún tó dé. Lóṣù kẹsàn-án àti lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ inú ara pọ̀ gan-an, òpó tó há kò lè gbà á, ìyẹn sì ti mú ẹ̀mí obìnrin lọ. Ohun tí kátítà bá sọ ló máa sọ bí ewu tirẹ̀ ṣe tó. Haidirọsiyúríà náà kò dára fún oyún, bẹ́ẹ̀ ni oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí tó ní ẹ́sítírójíìnì máa ń mú ẹ̀jẹ̀ dì.

Tí àyà bá ń dùn ún, ẹ má ṣe gbà pé kíráísìsì ni kí ẹ fún un ní oògùn ìrora nílé. Ẹran ọkàn SS lè kú ní ibi kékeré láìsí ọ̀rá kankan nínú òpó ọkàn, nítorí náà kí wọ́n ṣe ECG àti àyẹ̀wò tìróponíìnì. Tí ó bá dákú níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tí ẹsẹ̀ méjèèjì àti ikùn wú pọ̀, tí kò lè sùn gbalaja láìjókòó, tàbí tí ọ́síjìn tó máa ń jẹ́ 96 lára rẹ̀ já sí 90, ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí ẹ sì mú ìwé ẹ́kò yìí dání.